Wọ́n Ti Sin Ín, Tàbí Wọ́n Ti Sìn Ín?

Iṣẹ́ etí ni Adéfúnmiláyọ̀ fi ń jẹun. Ní ọ́fíìsì kan ní Yábàá, wọ́n máa ń gba ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, òun ni wọ́n sì máa ń kó wọn fún. Á ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí méjèèjì, á máa fẹsẹ̀ tẹ irin kan nísàlẹ̀ tábìlì tó ń dá kásẹ́ẹ̀tì dúró tó sì ń dá a padà sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ á máa sáré lórí táípù. Nígbà tó bá kọ gbogbo rẹ̀ tán, á tún ké e kúrú sí ojú ìwé kan fún àwọn ọ̀gá tí kò ráyè ka ìwé gígùn. Ọmọ tíṣà Mẹ́tọ́díìsì ni, oníwà jẹ́jẹ́ ni, kì í pariwo. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó Theophilus ń gbowó oṣù nítorí pé ó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́.

Sùúrùlérè ni òun àti Theophilus ń gbé, lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà, pẹ̀lú Àràmídé ọmọ wọn àti Màámi, ìyá ọkọ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àríkẹ́. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni Màámi bí. Àkàngbé ni àkọ́bí, ó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Múṣin. Theophilus ló tẹ̀ lé e. Àbígbẹ̀yìn wọn ni Ọlábọ̀dé, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti bí ọdún mẹ́fà, tó ń kàwé lọ́sàn-án tó sì ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Màámi kò mọ̀wé, nítorí náà Bọ̀dé kì í kọ lẹ́tà sí i. Kásẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi ránṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ń bọ̀ wálé, Bọ̀dé á sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á kọ orin ìsìn kan, Màámi á sì gbé rẹ́kọ́dà sórí itan bí ẹni gbé ọmọ jòjòló.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1974, lọ́sàn-án Sátidé kan tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kásẹ́ẹ̀tì kan dé. Ọkùnrin kan tí wọn ò mọ̀ rí ló fi í lé Àràmídé lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ọkọ̀ tó ń lọ sí Kàdúná ń dúró de òun, ó sì kọjá lọ. Màámi ti lọ sí Ọ̀yìngbò láti ra ẹja gbígbẹ. Àkàngbé wà nílé, ó wá kí àbúrò rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ti gbọ́ díẹ̀ kí ìyá wọn tó dé.

Ohùn Bọ̀dé kọ́ ló kọ́kọ́ jáde. Ohùn Rónkẹ́ ni, ìyàwó rẹ̀. Èyí nìkan ti tó kí àyà Fúnmiláyọ̀ já, nítorí láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti ń wọlé, kò sí ìkankan tí Bọ̀dé kò fi ohùn ara rẹ̀ ṣí.

"Ẹ kú ilé o," Rónkẹ́ ń sọ, bí ẹni tó ń sáré. "Ẹ má bínú, ẹni tó máa mú un bọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kánjú."

Ariwo pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọdé ń sunkún, àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń dún, omi sì ń hó lórí iná nínú kẹ́tù tí ń súfèé bí ọkọ̀ ojú irin.

"Ẹ bá mi sọ fún Màámi pé Bọ̀dé…" Súfèé kẹ́tù náà gbé ohun tó kù mì. Bó ṣe rọlẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n gbọ́ "…ọsibítù…" Ohùn ọkùnrin kan sì gun orí ti Rónkẹ́, àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Nínú ti ọkùnrin náà wọ́n gbọ́ ohun tó jọ pé: "…wọ́n ti sin ín, gbogbo wa la lọ síbẹ̀…" Rónkẹ́ tún gbóhùn sókè: "…kí wọ́n má…" Lẹ́yìn náà, pá! Kásẹ́ẹ̀tì dákẹ́.

Àkàngbé bọ́ fìlà lórí.

"Bọ̀dé ti kú," ni ó wí. "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ. Ó kú sí ọsibítù, wọ́n ti sin ín, gbogbo wọn ló lọ. Rónkẹ́ ní kí wọ́n má sunkún."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú sùúrù ná!" Theophilus fò dìde. "Ẹ ò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní wọ́n ti sìn ín. Wọ́n sìn ín kúrò ní ọsibítù wá sílé, gbogbo wọn ló lọ mú un. Rónkẹ́ ní kí Màámi má ṣèyọnu."

Wọ́n dá kásẹ́ẹ̀tì padà, wọ́n tún gbọ́ ọ. Àkàngbé gbọ́ sin. Theophilus gbọ́ sìn. Wọ́n wá yíjú sí Fúnmiláyọ̀.

"Ìwọ ni akọ́ṣẹ́mọṣẹ́," ni Àkàngbé wí. "Kí ló sọ?"

Ohun tó ba Fúnmiláyọ̀ lẹ́rù jù ni pé nígbà tí Àkàngbé sọ tirẹ̀, òun pẹ̀lú gbọ́ sin ketekete, bí ẹni pé wọ́n sọ ọ́ sí òun létí. Nígbà tí Theophilus sì sọ tirẹ̀, sìn ló gbọ́, ó ketekete bákan náà. Etí kan náà, kásẹ́ẹ̀tì kan náà. Ó wá yé e pé kì í ṣe inú kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá mọ́, láti ẹnu àwọn méjèèjì ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè," ni ó wí. "Bátìrì rẹ́kọ́dà yìí ti ń kú, kò jẹ́ kí ohùn já geere. Ẹ má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ Màámi dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Theophilus ju kásẹ́ẹ̀tì sínú àpò. Obìnrin arúgbó náà wọlé, ó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sọ ẹja kalẹ̀.

"Kí ló ṣe yín tí ẹ rí báyìí?"

"Kò sí nǹkan, Màámi. Ẹ kú ọjà."

Kò bèèrè mọ́. Ṣùgbọ́n kò jẹun alẹ́, ó ní inú òun kún. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Fúnmiláyọ̀ rí i tó ń wo ojú òun dípò ojú àlùfáà. Kò mọ ibi tí yóò kọjú sí.

Ní kùtùkùtù Mọ́ńdè, Theophilus lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó láti tẹ wáyà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kí ó tó jáde, Fúnmiláyọ̀ ní kó má bèèrè pé ṣé dáadáa ni wọ́n wà, nítorí gbogbo ènìyàn ló máa ń fèsì pé dáadáa ni. "Bèèrè pé ṣé Bọ̀dé wà láàyè, kí o sì bèèrè pé ta ni wọ́n sin." Ọkọ rẹ̀ wò ó bíi pé ó fi ẹnu ara rẹ̀ pa àbúrò òun. Ó sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n èsì wáyà kì í dé lọ́jọ́ kan, Àkàngbé kò sì fẹ́ dúró. Ó ti ránṣẹ́ pé ní òwúrọ̀ Túsìdeè òun ń wọ ọkọ̀ ní Jíbówú lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti sọ fún àwọn àgbà ẹbí. Ó ní bí Fúnmiláyọ̀ bá ní nǹkan láti sọ, kó kọ ọ́ sínú ìwé kí òun mú un dání.

Ní ọ́fíìsì, ó dúró títí àwọn yòókù fi lọ jẹun ọ̀sán. Ó fi òwú tó rin nínú sípíríìtì nu irin tí kásẹ́ẹ̀tì ń gbà kọjá, nítorí ìdọ̀tí ibẹ̀ máa ń bo ohùn. Ó ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí.

Ohùn já geere ju ti ilé lọ. Ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ kan tí wọn kò gbọ́ nílé jáde: kó tó dárúkọ ọsibítù, ó ní "ṣì wà". Àyà Fúnmiláyọ̀ fò sókè. Ṣì wà! Ó tẹ irin, ó dá a padà, ó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣì wà ni, ó dájú. Ta ló ṣì wà? Súfèé kẹ́tù kò tíì jẹ́ kí a mọ̀. Ó lè jẹ́ pé Bọ̀dé ló ṣì wà ní ọsibítù. Ó sì lè jẹ́ pé òkú ni ó ṣì wà níbẹ̀, tàbí ìwé, tàbí ẹrù rẹ̀. Ó wù ú kó kọ orúkọ Bọ̀dé síwájú ọ̀rọ̀ náà, kó fi omijé dúpẹ́, kó sì sáré lọ sílé. Ó gbé ọwọ́ sórí táípù. Ó gbé ọwọ́ kúrò. Bí mo bá kọ ọ́ báyìí, ó rò nínú ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èmi ni mo fi í síbẹ̀. Màámi á rò pé Rónkẹ́ ló sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà kò yí padà. Sin tàbí sìn, ẹkún ọmọdé bo ibi tí ohùn ti yẹ kó fi ìyàtọ̀ hàn.

Nígbà tí àwọn yòókù padà dé, ó pe Gertrude, obìnrin Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà tí wọ́n jọ ń tẹ táípù. Kò sọ pé ti ilé òun ni, kò sọ pé ẹnìkan kú, kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni rò. "Jọ̀ọ́, bá mi gbọ́ ibí yìí, kí o sọ ohun tí o gbọ́."

Gertrude gbọ́ ọ, ó di ojú, ó tún gbọ́ ọ. "Àwọn méjì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò rò pé ara wọn ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Obìnrin yẹn súmọ́ ẹ̀rọ, ọkùnrin yẹn jìnnà, ó jọ pé ó kọjú sí ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tó sọ… sin ni, àbí sìn ni? Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà." Ó yọ ohun ìgbọ́rọ̀ kúrò. "Fúnmi, ọ̀rọ̀ ta lèyí?"

Ọ̀rọ̀ Gertrude ló ṣí i lójú. Láti Sátidé, gbogbo wọn, àti òun alára, ti so ọ̀rọ̀ ẹni méjì pọ̀ bí ẹni pé ẹnu kan ló ti jáde. Orúkọ Bọ̀dé wà lẹ́nu Rónkẹ́. Sin wà lẹ́nu ọkùnrin náà. Kò sí ohun tó so méjèèjì pọ̀ àfi ẹ̀rù wọn. Síbẹ̀, kò sí ohun tó tú wọn ká náà. Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni.

Ó kọ ọ̀rọ̀ Rónkẹ́ sí apá kan, ó kọ ti ọkùnrin náà sí apá kejì, ó fa ìlà sí àárín. Níbi tí ohùn ti pòórá, ó tẹ àmì ìdánudúró mẹ́ta, ó sì kọ ohun tó bò ó: kẹ́tù, ẹkún ọmọ, òpin kásẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ló ké e kúrú:

"Rónkẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. A kò gbọ́ ohùn Bọ̀dé. Rónkẹ́ rán iṣẹ́ sí Màámi nípa Bọ̀dé, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohun tó tẹ̀ lé orúkọ náà. Ó sọ pé 'ṣì wà', ó sì dárúkọ ọsibítù. A kò gbọ́ ẹni tàbí ohun tó ṣì wà. Nígbà kan náà, ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ dájú sọ ọ̀rọ̀ tó lè jẹ́ 'wọ́n ti sin ín' tàbí 'wọ́n ti sìn ín', ó ní gbogbo àwọn ló lọ. A kò gbọ́ orúkọ ẹni tó ń sọ nípa rẹ̀, a kò sì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ti Rónkẹ́. Rónkẹ́ ní 'kí wọ́n má', kásẹ́ẹ̀tì sì tán. Láti inú kásẹ́ẹ̀tì yìí, a kò lè sọ pé Bọ̀dé kú, a kò sì lè sọ pé ara rẹ̀ yá."

Nígbà tó dé ilé nírọ̀lẹ́, obìnrin kan ń fi ìborùn bo orí bọ̀ lẹ́nu géètì, ó ń mi orí bí ó ṣe ń rìn. Ìyá Shakirat ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní àdúgbò Àkàngbé ní Múṣin.

"Ìyàwó wa," ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, "a gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Olúwa á…"

Fúnmiláyọ̀ kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, nínú eruku, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má parí rẹ̀. Màámi wà nínú ilé. Kò tíì sẹ́ni tó mọ nǹkan kan."

"Àkàngbé ló sọ ọ́ fún mi o."

"Ẹ̀gbọ́n kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀."

Ìyá Shakirat wò ó tàánútàánú, bí a ti ń wo ẹni tí ìbànújẹ́ ti yí lórí, ó sì padà. Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ dìde, Màámi dúró lójú fèrèsé.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀, Theophilus, Àkàngbé tó wá gba ìwé Fúnmiláyọ̀, àti Màámi. Kò sẹ́ni tó pe ìyá náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àga.

"Ẹ ti ń fi mí ṣe ọmọdé láti Sátidé," ni ó wí. "Ìyá Àràmídé, ìwọ ni mo bi. Ṣé ọmọ mi wà láàyè?"

Theophilus bojú wo ìyàwó rẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀. Sọ bẹ́ẹ̀ ni, ni ojú náà ń wí. Àkàngbé wolẹ̀. Bí Fúnmiláyọ̀ bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí ó sì já sí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ló pa ìyá náà lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tí ẹ̀jẹ̀ ń ru lè ṣubú lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Màámi, mi ò mọ̀," ni ó wí. Ó sì ka ìwé náà fún un, látòkè délẹ̀, láìfo ibi tí sin wà.

Màámi gbọ́ ọ tán. Ó ní kí wọ́n gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sí i fún òun. Wọ́n ti ra bátìrì tuntun. Ó gbé etí lé rẹ́kọ́dà, ọ̀rọ̀ náà kọjá, ó tún kọjá. Nígbà tó gbé orí sókè, ìbínú ló wà lójú rẹ̀.

"Ìwọ tí wọ́n ń sanwó fún láti gbọ́rọ̀," ni ó wí fún Fúnmiláyọ̀, "ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni o ò gbọ́?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Kí ni mo fẹ́ fi 'mi ò mọ̀' ṣe? Ṣé kí n máa sunkún ni, àbí kí n máa dúpẹ́?"

Ó yíjú sí àkọ́bí rẹ̀. "Àkàngbé, o ò ní lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. O ò ní gbé òkú tí o ò rí lọ bá àwọn bàbá rẹ. A ó dúró de wáyà."

Ìdúró yẹn, ẹni tó bá ti dúró bẹ́ẹ̀ rí ló lè sọ bó ṣe rí. Bí kẹ̀kẹ́ bá dún lóde, Màámi á di ọwọ́ àga mú. Fúnmiláyọ̀ ń sun oorun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, á máa gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn lójú àlá, á sọ ọ̀rọ̀ náà ketekete, á sì jí kó tó mọ èyí tó jẹ́. Nínú ọ́fíìsì, ó ń ṣe àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé lè kọ. Ẹ̀rù mìíràn tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: bóyá etí òun ni kò gbọ́ mọ́, bóyá ẹlòmíì ì bá gbọ́ ọ, tí gbogbo ìnira yìí jẹ́ ẹ̀bi òun.

Ní ọjọ́ Fúráídé, Theophilus sáré wọlé ní ọ̀sán gangan, wáyà lọ́wọ́, òógùn bo ojú rẹ̀. Kò lè kà á. Fúnmiláyọ̀ gbà á. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ni, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún Màámi bó ṣe wà níbẹ̀: Bọ̀dé wà láàyè. Ó ṣubú níbi iṣẹ́, egungun itan rẹ̀ fọ́, ó ṣì wà ní ọsibítù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tí wọ́n sin ni onílé wọn.

Màámi kò hó, kò jó. Ó sọ orí sórí eékún, èjìká rẹ̀ ń mì.

Lẹ́tà Rónkẹ́ dé ní kété lẹ́yìn Kérésìmesì, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ṣàfíù, ọ̀rẹ́ Bọ̀dé, ló ń sọ fún àlejò kan nínú ilé ìdáná bí wọ́n ṣe sin bàbá onílé, ará erékùṣù Bàbédọ̀sì kan tó ṣoore fún gbogbo wọn. Rónkẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohùn Ṣàfíù wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Theophilus kọ̀wé bi Rónkẹ́ pé kí ló ní kí wọ́n má ṣe ní ìparí. Ó fèsì pé òun kò rántí mọ́.

Àkàngbé ní iṣẹ́ ńlá láti ṣe ní Múṣin. Ojúlé sí ojúlé ló ń lọ, ó ń sọ pé àbúrò òun kò kú. Àwọn kan kò gbà á gbọ́, wọ́n rò pé ẹbí ń fi ikú rẹ̀ pamọ́ fún ìyá ni, wọ́n sì ń bá a lọ láti máa wo Màámi tàánútàánú lọ́jà títí Bọ̀dé fi wálé fúnra rẹ̀ lọ́dún 1978, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, nítorí ẹsẹ̀ náà kò tọ́ tán mọ́.

Ní ti Fúnmiláyọ̀, Màámi kò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, òun náà kò sì retí rẹ̀. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó dé lẹ́yìn ìyẹn, Theophilus ni ìyá náà máa ń kó fún. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, Fúnmiláyọ̀ á dìde, á ní òun gbàgbé nǹkan nínú ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni yóò dúró sí, tí yóò gbá ògiri mú, títí yóò fi gbọ́ ohùn Bọ̀dé tó ń kí wọn.